Owó Tí A Ń Kó Jọ De Ọjọ́ Ìsanwó

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí owó tí ẹgbẹ́, ìlú tàbí ìjọba ń yà sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó lè pé iye kan ní ọjọ́ kan tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn akọ̀wé ìṣirò ń pè é ní sínkíǹ-fọ́ọ̀ǹdì. Ní èdè tiwa, a lè pè é ní owó àkójọ-de-ọjọ́.

Nǹkan méjì ni a sábà máa ń kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ fún. Èkíní ni gbèsè ńlá tí a yá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí a sì ṣèlérí pé a óò san ojú owó rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọdún báyìí-báyìí. Èkejì ni ẹ̀rọ tí a mọ̀ pé yóò gbó, tí a kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ dúró ní ọjọ́ tó bá kú. Nínú méjèèjì, ọjọ́ ti dá, iye owó sì ti hàn. Ohun tó kù ni pé kí a mọ iye tí a gbọ́dọ̀ máa fi sílẹ̀ lọ́dọọdún, kí a sì rí i pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án títí ọjọ́ náà yóò fi pé.

Owó yìí kì í ṣe èsúsú, nítorí pé nínú èsúsú ẹni tó bá kàn ni ó ń kó owó. Kì í sì í ṣe àjọ, nítorí pé ohun tí ènìyàn bá dá fún alájọ ni alájọ ń kó fún un padà lópin oṣù, lẹ́yìn tó bá ti yọ ti ọjọ́ kan fún ara rẹ̀. Nínú owó àkójọ-de-ọjọ́, kò sí ẹni tí ń kó o kí ọjọ́ tó pé, owó náà kò sì jókòó lásán. Ibi tí yóò ti máa pa èlé ni a fi í sí, èlé náà a sì tún máa bí èlé mìíràn.

ẸGBẸ́ KAN ÀTI Ẹ̀RỌ RẸ̀

A lè fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀rọ tí a fi ń lọ gbágùúdá, èyí tí ń mu epo dísẹ́ẹ̀lì. Àwọn obìnrin tí ń dín gàrí ní abúlé náà àti ní abúlé mẹ́ta tó yí i ká ni wọ́n ń gbé gbágùúdá wọn wá síbẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá dúró, wọn yóò tún padà sí orí páànù tí a dá lu, èyí tí ń họ ènìyàn lọ́wọ́, tí kì í sì í jẹ́ kí iṣẹ́ yá.

Mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà ti sọ fún ẹgbẹ́ pé ọdún márùn-ún ni agbára rẹ̀ kù. Lẹ́yìn náà, owó àtúnṣe rẹ̀ yóò pọ̀ ju èrè rẹ̀ lọ. Nítorí náà ẹgbẹ́ pinnu pé àwọn yóò ra òmíràn ní òpin ọdún karùn-ún. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń lọ ní ₦1,500,000 lọ́jà lónìí.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti máa ń kọ́kọ́ ṣìnà. Wọn a mú ₦1,500,000, wọn a sì sọ pé èyí ni àwọn ń wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òní ni wọn yóò ra ẹ̀rọ náà. Bí iye rẹ̀ bá ń fi náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gun orí ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, ohun tó jẹ́ ₦1,500,000 lónìí yóò di nǹkan bí ₦3,017,000 ní òpin ọdún karùn-ún. Ìlọ́po méjì ni. Ẹgbẹ́ tó bá kó ₦1,500,000 jọ pẹ̀lú ìpamọ́ra yóò dé ọjà ní ọjọ́ náà, yóò sì bá ìlàjì ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí oníṣòwò tí ń ta ìlàjì ẹ̀rọ.

Ẹgbẹ́ inú àpẹẹrẹ yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n béèrè bí iye ẹ̀rọ náà ti ń lọ láti ọdún dé ọdún, wọ́n sì fi ₦3,000,000 ṣe iye tí wọ́n ń lépa. Wọ́n gbà pé irin ògbólógbòó ẹ̀rọ àtijọ́, bí a bá tà á fún àwọn tí ń ra àlòkù irin, yóò mú ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún tó kù wá.

BÍ A TI Ń ṢE ÌṢIRÒ NÁÀ

Bí owó kò bá ní pa èlé rárá, ìṣirò náà kò le. A óò pín ₦3,000,000 sí ọ̀nà márùn-ún, ₦600,000 ni yóò sì kan ọdún kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí a bá fi owó náà sí báǹkì tàbí sí ìwé ẹ̀yáwó ìjọba tí ń san èlé, owó tí ẹgbẹ́ yóò dá yóò dín kù. A óò gbà nínú àpẹẹrẹ yìí pé náírà mẹ́wàá ni èlé orí ọgọ́rùn-ún lọ́dún.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ iye tí yóò kan ọdún kọ̀ọ̀kan ni kí a kọ́kọ́ fi ₦100,000 dán an wò. Ní òpin ọdún kìíní, a fi ₦100,000 sílẹ̀. Kò tíì pa èlé, nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ní òpin ọdún kejì, ó ti pa ₦10,000, a sì tún fi ₦100,000 mìíràn kún un, gbogbo rẹ̀ di ₦210,000. Ní òpin ọdún kẹta, ₦210,000 náà ti pa ₦21,000, a sì fi ₦100,000 kún un, ó di ₦331,000. Ní òpin ọdún kẹrin, ó di ₦464,100. Ní òpin ọdún karùn-ún, ó di ₦610,510.

A ti mọ̀ wàyí pé ẹni tó bá fi ₦100,000 sílẹ̀ lọ́dọọdún yóò rí ₦610,510 kó. Kí ni ẹni tí ń wá ₦3,000,000 yóò máa fi sílẹ̀? A óò wo iye ìgbà tí ₦610,510 wọ inú ₦3,000,000. Ìgbà márùn-ún kò pé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó márùn-ún ni. Bí a bá ṣe ìpín náà délẹ̀, tí a sì fi èsì rẹ̀ sọ ₦100,000 di púpọ̀, a óò rí nǹkan bí ₦491,400. Kí ó má bàa dín, ẹgbẹ́ sọ ọ́ di ₦492,000.

Ẹ wo bí yóò ti máa rí nínú ìwé. Ní òpin ọdún kìíní, ₦492,000 ni yóò wà nílẹ̀. Ní òpin ọdún kejì, yóò di ₦1,033,200. Ní òpin ọdún kẹta, ₦1,628,520. Ní òpin ọdún kẹrin, ₦2,283,372. Ní òpin ọdún karùn-ún, yóò di ₦3,003,709. Owó ẹ̀rọ pé, èlé owó fúnra rẹ̀ sì ti ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú ohun tó lé ní ₦540,000.

Bí ẹnìkan bá ní ₦492,000 pọ̀ fún ẹgbẹ́ abúlé, kí ó pín in sí oṣù méjìlá. Yóò rí i pé ₦41,000 ni ó kan oṣù kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ ọjà nìkan ni ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, tí ọjà náà sì jẹ́ èyí tí a ń ná ní ọrọọrún, ọjà mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni yóò wà nínú ọdún. Bí a bá lọ abọ́ márùndínlọ́gọ́ta lọ́jọ́ ọjà kan, tí a sì yọ ₦100 sọ́tọ̀ nínú owó abọ́ kọ̀ọ̀kan, owó ọdún náà yóò pé, yóò sì ṣẹ́kù díẹ̀. Owó tí ń dẹ́rù bani lọ́dún kò ju ₦100 lọ lórí abọ́ kan.

OHUN TÍ ÌWÉ Ń SỌ ÀTI OHUN TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́

Àṣìṣe kan wà tí ó máa ń bo àwọn ẹgbẹ́ tí ń kọ ìwé dáradára pàápàá lójú. Ní ìparí ọdún, akọ̀wé a máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rọ ti gbó dé ìwọ̀n báyìí, a sì máa yọ iye gbígbó náà kúrò nínú èrè ọdún. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a gbọ́ èyí ní ìpàdé, ọkàn wọn a sì balẹ̀. Wọn a rò pé owó tí a yọ náà ti wà níbì kan tí ń dúró de ẹ̀rọ tuntun.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Yíyọ tí akọ̀wé yọ ọ́ nínú ìwé ń sọ òtítọ́ nípa èrè ni, kì í ṣe pé ó gbé kọ́bọ̀ kan láti ibì kan lọ sí ibòmíràn. Owó náà lè ti di epo dísẹ́ẹ̀lì, ó lè ti di owó oṣù, ó sì lè wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n lọ gbágùúdá láwìn. Ẹgbẹ́ kan lè máa yọ owó gbígbó ẹ̀rọ nínú ìwé fún ọdún márùn-ún, kí ó sì jẹ́ pé ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ kú, kò sí ohun tó wà nínú àpótí ju owó epo ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Nítorí náà, owó àkójọ-de-ọjọ́ gbọ́dọ̀ kúrò nínú àpò tí a ń ná. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé báǹkì tirẹ̀, tí a kọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ó sì dára kí ó jẹ́ pé ẹni mẹ́ta ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé kí owó tó lè jáde, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí kì í ṣe olóyè nínú ẹgbẹ́. Ibi tí a sì fi owó náà sí gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí a ti lè rí i gbà ní ọjọ́ tí a dá. Ilẹ̀ lè gbówó lórí, kòkó lè wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi owó ẹ̀rọ ra ilẹ̀ lè dé ọjọ́ ìsanwó kí ó má rí ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá sì ra ìwé ẹ̀yáwó ìjọba, ọjọ́ tí ìjọba yóò san án gbọ́dọ̀ ṣáájú ọjọ́ tí a óò ra ẹ̀rọ, kì í ṣe kí ó tẹ̀ lé e.

BÍ A BÁ PẸ́ KÍ A TÓ BẸ̀RẸ̀, TÀBÍ BÍ A BÁ YÁ NÍNÚ RẸ̀

Owó tó ṣáájú ni ó ń ṣiṣẹ́ jù. ₦492,000 tí a fi sílẹ̀ ní òpin ọdún kìíní yóò ti di ₦720,337 ní òpin ọdún karùn-ún, ṣùgbọ́n èyí tí a fi sílẹ̀ ní òpin ọdún karùn-ún yóò jẹ́ ₦492,000 gẹ́gẹ́ bí ó ti wà. Bí ẹgbẹ́ bá sọ pé kí ọdún kìíní kọjá ná nítorí pé nǹkan kò rọgbọ, ọdún mẹ́rin péré ni yóò kù láti kó ₦3,000,000 jọ. Dípò ₦492,000, wọn yóò máa wá nǹkan bí ₦646,500 lọ́dọọdún. Ọdún kan ṣoṣo tí wọ́n fi ṣeré ti fi ohun tó lé ní ₦150,000 kún ẹrù ọdún kọ̀ọ̀kan tó kù.

Ewu tó tún wọ́pọ̀ ju èyí lọ ni yíyá. Ó ti di òpin ọdún kejì, owó náà ti lé ní mílíọ̀nù kan. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń lò ó. Ọdún ìlú ń bọ̀, òrùlé gbọ̀ngàn ti ń jò, àwọn kan a sì dìde ní ìpàdé pé kí a yá ₦800,000 nínú rẹ̀, pé a óò dá a padà pérépéré kí ọjọ́ tó pé. Wọn kì í ṣe olè, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe pàápàá kò burú.

Kí a wá sọ pé wọ́n mú ìlérí wọn ṣẹ, tí wọ́n dá ₦800,000 náà padà láìyọ kọ́bọ̀ ní òpin ọdún karùn-ún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ pé kò sí ohun tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́ta gbáko, ₦800,000 yìí kò pa èlé. Èlé tí kò pa náà jẹ́ ₦264,800. Owó tí wọn yóò bá nílẹ̀ kì í ṣe ₦3,003,709 mọ́, ₦2,738,909 ni. Wọn yóò dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò ẹ̀rọ, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí wá gbèsè yá. Bí wọn kò bá sì dá a padà rárá, ₦1,938,909 péré ni wọn yóò bá. Ẹgbẹ́ tó bá rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí òun yá nínú owó náà gbọ́dọ̀ kọ èlé mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí báǹkì yóò ti kọ ọ́, kí ó sì dá ọjọ́ tí a óò san án.

Ohun kan tún wà tí ẹgbẹ́ ní láti ṣe lọ́dọọdún: kí ó tún béèrè iye ẹ̀rọ lọ́jà. Bí ó bá hàn ní òpin ọdún kejì pé ẹ̀rọ náà yóò di ₦3,600,000, dípò ₦3,000,000, ọ̀nà àbáyọ ṣì wà. ₦1,033,200 tó wà nílẹ̀ yóò fúnra rẹ̀ di nǹkan bí ₦1,375,000 kí ọjọ́ tó pé. Ohun tó kù jẹ́ nǹkan bí ₦2,225,000, ọdún mẹ́ta sì wà láti fi kó o jọ. Bí a bá mú ₦331,000 tí ìṣirò ọdún mẹ́ta fi hàn wá lókè, tí a sì fi pín in, a óò rí i pé nǹkan bí ₦672,500 ni yóò kan ọdún kọ̀ọ̀kan. Ó wúwo, ṣùgbọ́n a lè fi díẹ̀ kún owó abọ́. Ẹgbẹ́ tí kò béèrè títí ọjọ́ fi pé yóò wá nǹkan bí ₦596,000 lójijì, ní àárọ̀ ọjọ́ kan.

GBÈSÈ ÌJỌBA

Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gbágùúdá ti rí náà ni ọ̀rọ̀ gbèsè ìjọba rí, àfi pé iye rẹ̀ ga. Nígbà tí ìjọba bá fẹ́ kọ́ ọ̀nà tàbí afárá tí owó orí ọdún kan kò lè gbé, ó lè ta ìwé ẹ̀yáwó tí a ń pè ní bọ́ǹdì. Ẹni tó bá rà á ti yá ìjọba lówó. Ìjọba yóò máa san èlé fún un ní àkókò tí a dá, yóò sì san ojú owó padà ní ọdún tí a kọ sínú ìwé náà.

Ní ọdún 2009, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ta bọ́ǹdì ₦50,000,000,000, èyí tí í ṣe bílíọ̀nù àádọ́ta náírà. Èlé rẹ̀ jẹ́ náírà mẹ́tàlá lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún, a sì dá ọdún márùn-ún fún un, títí di 2014. Èlé ọdún kan nìkan jẹ́ ₦6,500,000,000. Ẹni tó bá wo èlé yìí nìkan lè rò pé ìyẹn ni gbogbo ẹrù tó wà lórí ìjọba. Ṣùgbọ́n èlé kò dín ojú owó kù rárá. Ní ọjọ́ tí ọdún karùn-ún bá pé, bílíọ̀nù àádọ́ta náà wà níbẹ̀ bí ó ti wà ní ọjọ́ kìíní.

A lè fi ìṣirò tí ẹgbẹ́ gbágùúdá lò wọn irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Bí owó àkójọ bá ń pa náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún, ẹni tí ń wá bílíọ̀nù àádọ́ta láàárín ọdún márùn-ún gbọ́dọ̀ máa fi nǹkan bí ₦8,190,000,000 sílẹ̀ lọ́dọọdún. Bí a bá fi èlé kún un, ẹrù ọdún kọ̀ọ̀kan yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìwọ̀n ìṣirò ni èyí, kì í ṣe ìwé owó Ìpínlẹ̀ Èkó. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé èyí tí a kì í rí nínú gbèsè lè pọ̀ ju èyí tí a ń rí lọ.

Kí àwọn tó yá ìjọba lówó lè ní ìdánilójú, a kì í fi owó àkójọ náà sí ọwọ́ ìjọba tó jẹ gbèsè. Ọwọ́ àwọn olùtọ́jú mìíràn ni ó máa ń wà. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kan tí wọn kò lè yí padà títí gbèsè yóò fi tán. Ìwé náà ń fún Àbújá láṣẹ láti yọ owó gbèsè kúrò nínú ìpín oṣooṣù ìpínlẹ̀ náà kí ó tó dé ọwọ́ gómìnà.

Àǹfààní èyí ni pé kò sí ẹni tó lè yá nínú owó náà fún ọdún ìlú. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó ti ń roni. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ta bọ́ǹdì ₦30,000,000,000 ní ọdún 2012, tí a óò san tán ní 2019. Láti 2014 ni iye epo rọ̀bì já wálẹ̀ lágbàáyé, ìpín tí ń ti Àbújá wá sì dín kù. Owó gbèsè tí a ń yọ kò dín, nítorí pé iye rẹ̀ ti wà nínú ìwé. Ní ọdún 2015, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀ṣun àti ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn wà fún oṣù púpọ̀ láìgba owó oṣù wọn pé. Owó gbèsè kọ́ ni ìdí kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó wà lára rẹ̀. Bí a bá fẹ́ ṣe ìpinnu owó àkójọ, ọdún tí nǹkan kò dára ni kí a fi wọn agbára wa, kì í ṣe ọdún tí owó ń wọlé.

OHUN TÍ ÀWỌN GẸ̀Ẹ́SÌ RÍ

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò láti ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1717, wọ́n dá àpò kan sílẹ̀ tí owó orí tó bá ṣẹ́kù yóò máa wọ̀, kí wọ́n lè fi san gbèsè ogun wọn. Ní ọdún 1733, Robert Walpole, olórí ìjọba nígbà náà, mú £500,000 nínú àpò yìí láti fi ná ìnáwó ọdún náà, nítorí pé kò fẹ́ fi kún owó orí tí àwọn onílẹ̀ ń san. Lẹ́yìn ìyẹn, mímú nínú rẹ̀ di ohun tó rọrùn.

Ní ọdún 1786, William Pitt dá òmíràn sílẹ̀. Ó ní kí £1,000,000 máa wọ inú rẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì fi í sí ọwọ́ àwọn ìgbìmọ̀ kan kí ẹnikẹ́ni má bàa mú nínú rẹ̀. Àpò yìí kò jò bíi ti ìṣáájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn Faransé ní 1793, owó tí ìjọba ń ná ju owó tí ń wọlé lọ fíìfíì. Síbẹ̀ wọn kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ń yá owó tuntun kí wọ́n lè rí ohun fi sínú àpò tí wọn yóò fi san gbèsè àtijọ́.

Ní ọdún 1813, Robert Hamilton, olùkọ́ kan ní Aberdeen ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, tẹ ìwé kan jáde tó fi hàn gbangba pé asán ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kò sí ohun tí ń dín gbèsè kù bí kò ṣe pé kí owó tí ń wọlé ju owó tí ń jáde lọ. Ẹni tó bá wú ilẹ̀ láti fi dí kòtò kan ti gbẹ́ kòtò mìíràn. Ẹgbẹ́ tó bá yá owó ní èlé náírà ogún lórí ọgọ́rùn-ún kí ó lè fi sí báǹkì tí ń san mẹ́wàá, ó ń pàdánù mẹ́wàá lọ́dọọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé owó àkójọ rẹ̀ ń ga sí i.

BÍ A ÓÒ ṢE MỌ̀ BÓYÁ OWÓ NÁÀ WÀ

Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò mọ ìṣirò púpọ̀ pàápàá lè mọ̀ bóyá owó àkójọ ẹgbẹ́ òun ń rìn dáadáa. Kí ó béèrè nǹkan mẹ́ta ní ìpàdé ọdọọdún.

Kí ó kọ́kọ́ béèrè ìwé báǹkì owó náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìròyìn nípa rẹ̀. Bí wọ́n bá dáhùn pé ó wà pọ̀ mọ́ owó yòókù, kò sí owó àkójọ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà kí ó béèrè iye tó yẹ kí ó wà nílẹ̀ ní ọdún yìí. Iye ọdún kọ̀ọ̀kan ti wà nínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ₦492,000, ₦1,033,200, ₦1,628,520 ti wà nínú ti ẹgbẹ́ gbágùúdá. Kí a kọ wọ́n sára ògiri ilé ẹgbẹ́ ní ọjọ́ kìíní. Bí iye inú ìwé báǹkì bá kéré sí iye ara ògiri, ó ní láti jẹ́ pé wọn kò san owó ọdún kan pé, tàbí èlé kò wọlé tó bí a ti rò, tàbí ẹnìkan ti mú nínú rẹ̀. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ó sàn kí a mọ̀ ọ́n ní ọdún kejì ju ní ọdún karùn-ún lọ.

Ìbéèrè kẹta ni iye tí ẹ̀rọ náà ń lọ lọ́jà báyìí, kí ẹni tí kì í ṣe akọ̀wé sì lọ béèrè rẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣòwò méjì ó kéré tán. Bí ó bá jẹ́ gbèsè ni, iye rẹ̀ kò ní yí padà, ọjọ́ rẹ̀ ni kí a béèrè. Ogún ọdún ń bọ̀ wá di ọ̀la, ọdún márùn-ún kò sì tó ogún. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ẹgbẹ́ kò tíì múra, ẹni tó ra bọ́ǹdì kò sì ní gba àwáwí ní ọjọ́ tí owó rẹ̀ bá pé.